Gúgúrú, Ẹ̀pà àti Owó Ìlú Méjì

Ojú-ewé kan ṣoṣo ni ètò ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ pírámárì karùn-ún kan ní Ìdírókò ló kọ ọ́, láti fi kọ́ àwọn ọmọ bí owó ìlú kan ṣe ń di owó ìlú mìíràn, àti ohun tó ń mú kí iye pàṣípààrọ̀ náà yí padà. Kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ sórí. Ọjà ni wọ́n máa ná.

Ìdírókò wà lẹ́nubodè. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà níbẹ̀ ti gbọ́ orúkọ náírà àti sẹ́fà kó tó mọ ìsọdipúpọ̀. Èèyàn lè rò pé owó méjèèjì yìí ni olùkọ́ máa gbé wá sí kíláàsì. Kò gbé wọn wá. Tíkẹ́ẹ̀tì pupa àti tíkẹ́ẹ̀tì aró ló gé láti ara páálí, gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, kò sì kọ nǹkan kan sí wọn lára. Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nìyẹn. Bó bá lo náírà àti sẹ́fà, iye tí wọ́n ń pè nílé ni àwọn ọmọ máa kà jáde. Kò sẹ́ni tó máa wá a rí fúnra rẹ̀.

Ó pín wọn sí ìlú méjì, ọmọ 16 ní Ìlú Òkè, 16 ní Ìlú Odò, ó sì fi àwọn méjì sídìí pátákó láti máa kọ̀wé. Ọmọ Òkè kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rá ẹ̀pà 3 àti tíkẹ́ẹ̀tì pupa 8. Ọmọ Odò kọ̀ọ̀kan gba ọ̀rá gúgúrú 6 àti tíkẹ́ẹ̀tì aró 40. Ta ni yóò jẹ gúgúrú láìfi ẹ̀pà sí i? Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ohun tí èkejì ń fẹ́, olùkọ́ kò sì ní láti rọ ẹnikẹ́ni kó tó jáde lọ rajà. Òfin kan wà ṣá: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú ọ̀rá títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, torí ẹrù tí wọ́n bá ti jẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọjà.

Ìpele kìíní kò la owó lọ. Wọ́n ń fi ẹrù gba ẹrù. Àwọn kan kọ́kọ́ fi gúgúrú kan gba ẹ̀pà kan, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ará Òkè fi rí i pé gúgúrú ló pọ̀ nínú ọjà, wọ́n sì ń béèrè méjì. Ibẹ̀ ló dúró sí: gúgúrú méjì, ẹ̀pà kan.

Ní ìpele kejì, olùkọ́ dá ẹrù gbogbo padà fún àwọn tó ni ín, ó sì gbé páálí méjì kọ́ sára ògiri. Ní Òkè, ọ̀rá ẹ̀pà kan, pupa 4. Ní Odò, ọ̀rá gúgúrú kan, aró 10. Òfin tó gbé gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ró wà lábẹ́ wọn: owó ìlú rẹ nìkan ni kí o gbà, má sì fi ẹrù gba ẹrù mọ́. Ọmọ Odò tó ń fẹ́ ẹ̀pà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọmọ Òkè tó máa fi pupa gba aró lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ kò sọ iye tí wọ́n máa fi ṣẹ́ ẹ. Bí ẹni méjì bá ti gbà, wọ́n sáré lọ sídìí pátákó, akọ̀wé á kọ ọ́: pupa 1 = aró mélòó.

Pátákó yẹn ló yẹ kí ojú olùkọ́ wà. Lákọ̀ọ́kọ́, 3 wà níbẹ̀, 8 wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, 6, 4, 5, 5. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń sún mọ́ 5. Ọmọ Òkè tó fi pupa 4 gba aró 12 lọ sódò, gúgúrú kan péré ló rí rà, bẹ́ẹ̀ ló sì mọ̀ pé pupa 4 yẹn tó ra ẹ̀pà kan, tí ẹ̀pà kan sì gba gúgúrú méjì ní ìpele kìíní. Kò ní gba 3 mọ́. Gúgúrú méjì jẹ́ aró 20. Pupa 4 sí aró 20, pupa kan sí aró 5 nìyẹn. Bí 5 bá ti kún pátákó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí olùkọ́ mọ̀ pé ẹnìkan ti tú àṣírí. Bí pátákó kò bá sì ní nǹkan kan tí ẹrù ń lọ láti ìlú sí ìlú, wọ́n ti padà sí ìpààrọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ló ti béèrè ìbéèrè tó fẹ́ fi mú wọn: "Ìlú wo ló lówó jù?"

"Òkè ni, Àǹtí!" Gbogbo kíláàsì pariwo, torí owó Òkè kan ló ń gba márùn-ún tòdò.

Ó ní kí wọ́n ṣírò owó ọwọ́ wọn. Pupa 8 lọ́nà 5 jẹ́ 40, iye tó wà lọ́wọ́ ọmọ Odò gan-an. Ìlú kankan kò lówó ju èkejì lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń fi bí ẹyọ owó orílẹ̀-èdè kan ṣe níyì sí wọn ọrọ̀ ibẹ̀. Àwọn ọmọ yìí ti fi ìṣírò já irọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 11.

Ìpele kẹta ni mo fẹ́ràn jù. Olùkọ́ tún dá ẹrù àti owó padà sí bó ṣe wà, ó wá fún ọmọ Odò kọ̀ọ̀kan ní aró 40 sí i. Wọ́n hó yèè. Kò fi ẹyọ gúgúrú kan kún un, kò sì yọ páálí iye owó kúrò lára ògiri. Ní báyìí, aró ti di ìlọ́po méjì, pupa kò kúrò lójú kan. Àwọn ará Odò ń fi owó lé ara wọn lórí nítorí pupa: 6, 8, títí ó fi dé 10. Ọmọ Òkè tó ti máa ń fi pupa 4 ra gúgúrú méjì ń ra mẹ́rin báyìí, torí páálí odò ṣì ń pè é ní aró 10. Wọ́n ya bo Odò. Gúgúrú ń tán lọ, owó kún ọwọ́ àwọn tó tà á, síbẹ̀ ẹ̀pà kan ń gba aró 40 lọ́wọ́ wọn. Owó wọn ti di 80, ẹ̀pà méjì náà ló ṣì lè rà, bíi ti ìgbà tó jẹ́ 40.

Nígbà yẹn ni olùkọ́ ń yọ páálí. Kí oníkálukú pe iye tó wù ú. Gúgúrú gòkè lọ sí aró 20, ojú ọjà sì rọ̀: gúgúrú méjì, ẹ̀pà kan, bó ti wà látilẹ̀.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi páálí sílẹ̀ yẹn ni mo kà sí iṣẹ́ ọwọ́ àgbà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nubodè nìyẹn nígbà tí owó bá ti já wálẹ̀, tí iye ọjà kò tíì bá a. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ṣáájú rẹ̀ ti tó nǹkan bíi 1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Sẹ́fà kò bá náírà lọ, torí wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, sẹ́fà 655.957 sí yúrò kan. Ẹni tó bá mú sẹ́fà wọ Nàìjíríà nígbà bẹ́ẹ̀ dúró níbi tí ọmọ Òkè dúró. Ẹni tó bá fẹ́ kó náírà lọ rajà ní Kùtọnu dúró níbi tí ọmọ Odò dúró.

Ètò yìí ní ibi tó mọ. Kò sí ìjọba nínú eré náà tó máa so owó mọ́ ibì kan bíi ti sẹ́fà. Okùnfà kan ṣoṣo ló sì fi hàn, ìyẹn owó tó pọ̀ sí i láìsí ẹrù tó bá a pọ̀. Ọ̀wọ́n dọ́là wà lára ohun tó fa ti náírà, kò sì yẹ kí ọmọ kúrò ní kíláàsì pẹ̀lú èrò pé títẹ owó nìkan ló ń ba owó jẹ́. Olùkọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé rẹ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì wà bó ṣe wà, kí a dín gúgúrú kù sí ìdajì.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ lè fi ẹ̀kúrú àti ẹ̀kọ rọ́pò gúgúrú àti ẹ̀pà, ẹ sì lè yí iye tíkẹ́ẹ̀tì padà. Ẹ má kàn yọ òfin owó ìlú rẹ nìkan kúrò, ẹ má sì sọ iye náà fún wọn.