Èémí Àkọ́kọ́

Ní Djègan-Kpèvi, ní ìlú Àjàṣẹ́, bí obìnrin bá ń rọbí, etí ni àwọn ẹbí tó wà lóde máa ń dẹ sí igbe ọmọ. Nígbà tí igbe yẹn bá jáde, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń yí ọ̀nà padà.

Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú kò ṣófo. Omi ló kún un, ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ló sì ń sun omi náà, kó lè máa nà án títí yóò fi dàgbà. Ọmọ a tilẹ̀ máa gbé àyà sókè sódò nínú ilé ọmọ, bí ẹni ń kọ́ mímí. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24, ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀rá kan tí kì í jẹ́ kí àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí àpò náílọ́ọ̀nù tó tutù. Ọ̀rá náà kì í sábà tó kí oyún tó tó ọ̀sẹ̀ 35.

Ní gbogbo àkókò yìí, olóbì ló ń fún ọmọ ní ọ́síjìn. Nítorí náà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìyókù ń gba ọ̀nà àbùjá méjì: ihò kan láàárín àwọn yàrá òkè ọkàn, àti iṣan kúkúrú kan tó so iṣan ẹ̀dọ̀fóró mọ́ iṣan ńlá ara.

Ọmọ fa èémí àkọ́kọ́. Afẹ́fẹ́ lé omi tó kù wọnú ẹran ara, àwọn iṣan ẹ̀dọ̀fóró là, ẹ̀jẹ̀ sì rọ́ wọ inú wọn. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ sí apá òsì ọkàn ló ń fi agbára ara rẹ̀ ti awẹ́ ẹran fẹ́lẹ́ kan pa ihò yẹn dé. Nínú bí àgbà kan nínú mẹ́rin, awẹ́ náà kì í lẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní mọ̀ láéláé. Ní ti iṣan kúkúrú, ọ́síjìn tó pọ̀ sí i ló ń mú un sún kì. Ó sábà máa ń pa dé láàárín ọjọ́ 1 sí 3.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń parí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó dá ṣáṣá lè tó ìṣẹ́jú 10 kó tó kún dáadáa, nítorí náà ahọ́n ọmọ tó ń ké lè dúdú díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ahọ́n ni kí a wò, awọ ọmọ wa lè tanni jẹ.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ 30 ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Ọ̀rá rẹ̀ kò tó: ó ń kùn bó ṣe ń mí síta, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọlé, èémí rẹ̀ sì ń ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1972, àwọn dókítà Liggins àti Howie ní New Zealand fi hàn pé abẹ́rẹ́ kan tí a gún fún ìyá ṣáájú ìbí a máa mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yára gbó. Ó dára kí abẹ́rẹ́ náà ti lo wákàtí 24 lára ìyá kí ó tó bímọ. Nítorí náà, bí inú bá ń run aboyún oṣù méje lóru, kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ kó tó lọ sí ilé ìwòsàn.