Àádọ́rin Ẹgbẹ̀rún ní Ìlà Kejì

Ìwé tí èèyàn fi ń ṣàlàyé owó tó ṣòfò sábà máa ń yí po títí kó tó kan owó náà. Èyí tí mo kà láìpẹ́ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Àkúrẹ́, tó ń bá àwọn oníṣòwò polówó lórí Facebook, ló fi í ránṣẹ́ sórí ímeèlì ìyá kan tó ní ilé àlejò ní Ìdànrè, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń gun òkè.

Àdéhùn wọn ni pé kó ná ₦70,000 láàárín ọjọ́ méje kí Àjíǹde tó dé. Facebook máa ń jẹ́ kí èèyàn yàn bóyá iye tó kọ jẹ́ ti òòjọ́, `Daily budget`, tàbí ti gbogbo ìpolówó náà látòkèdélẹ̀, `Lifetime budget`. Ó kọ ₦70,000, ó sì gbàgbé rẹ̀ sórí ti òòjọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ₦68,400 lọ. Nígbà tó fi máa rí i lálẹ́ Sátidé, tó sì dá a dúró, ₦71,900 mìíràn ti tẹ̀ lé e.

"Ẹ kú ìsinmi, mà," ni gbogbo ìkíni rẹ̀. Ìlà kejì sì ni: "Mo ti ná ₦70,300 kọjá iye tí ẹ fọwọ́ sí." Kò ti ẹ̀bi sórí ẹ̀rọ. Kò sì fi ₦140,300 dẹ́rù ba ìyá náà, torí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ti jọ fọwọ́ sí. Ìsàlẹ̀ ló ti ṣírò àpapọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú ibi tí wọ́n kọ `Amount spent` sí.

Ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìdápadà owó ló dùn mọ́ mi jù. Ó ní òun ti kọ̀wé sí Facebook, pé ₦70,300 péré lòun béèrè, òun sì jẹ́wọ́ fún wọn pé òun lòun yan ètò náà. Ẹlòmíràn ì bá purọ́ pé wọ́n gba àkáǹtì òun. Ó wá fi kún un pé: "Wọ́n lè kọ̀, torí ìpolówó náà jáde, àwọn èèyàn sì rí i. Bí wọ́n bá sì gbà, ó lè jẹ́ owó tí a ó fi polówó nìkan, tí kò ní padà sórí káàdì yín. Nítorí náà, ohun yòówù kí wọ́n sọ, màá san ₦70,300 sí àkáǹtì yín kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ní kí báǹkì gba owó náà padà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè ti àkáǹtì ìpolówó wa pa."

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nìkan ló máa rántí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Báǹkì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà tí inú ń bí máa ń kọ́kọ́ sáré lọ.

Ó parí rẹ̀ pé òun ti fi `Account spending limit` dí àkáǹtì náà ní ₦75,000 fún èyí tó ń bọ̀. Àwọn tó pè láti gba yàrá wà nínú ìwé náà, àmọ́ kò fi wọ́n ṣàwáwí. Èmi ì bá tiẹ̀ yọ wọ́n kúrò pátápátá.

Ìyá náà fèsì kó tó di ọ̀sán: "Mo ti rí i. Bí o bá tún fẹ́ gbé òmíràn jáde, kọ́kọ́ ya àwòrán ibi tí o kọ owó sí, kí o fi ránṣẹ́ sí mi."