Etí Irun

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ṣómólú kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fọ́tò gan-an. Orí ìpele mìíràn la ti gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo àtúnṣe, kí fọ́tò wà nísàlẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yà á. Yàrá òkùnkùn ni òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó máa ń gé páálí róbótó, á so ó mọ́ wáyà tín-ín-rín, á fi dí iná kí ojú ènìyàn má baà ṣú jù lórí pépà. Bí pépà bá bàjẹ́, á mú òmíràn, nítorí nẹ́gẹ́tíìfù ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí Photoshop gba ìpele wọlé ní 1994, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé funfun nínú ìbòjú ń fi nǹkan hàn, dúdú ń bò ó, eérú ń fi í hàn díẹ̀. Etí irun ni mo fẹ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀gá mi lọ́gàá.

Ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Kò wé gèlè, irun rẹ̀ kún, ó ta bí ìrùkẹ̀rẹ̀ níwájú ògiri aláwọ̀ eérú. Ó fẹ́ kí irun náà pọ́n díẹ̀, kí léèsì rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Ìyá rẹ̀ kò tíì fara mọ́ ọn.

Mo máa ń yẹ Channels wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mú èyí tí irun ti yàtọ̀ sí ògiri jù lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, Blue ni. Ẹ̀dà rẹ̀ ni mo ń lò, torí bí mo bá kun Blue gan-an, àwọ̀ fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo tẹ Ctrl+I: irun mọ́, ògiri ṣú. Ṣùgbọ́n irun kò tíì funfun tán, ògiri kò tíì dúdú tán. Mo mú bírọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo fi Mode rẹ̀ sí Overlay, Opacity bíi 20%. Bí mo bá fi funfun gba etí irun kọjá, ohun tó ti mọ́ ló ń mọ́ sí i. Ohun tó ti dúdú láàárín fọ́nrán kì í yí padà. Mo wá fi dúdú gba ògiri kọjá, òun náà ń jìn sí i láìpa irun lára. Ojú, ọrùn àti léèsì ni mo ń fi bírọ́ọ̀ṣì lásán kùn dúdú.

Ọ̀gá mi máa ń dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá dé ibí. “Rọra, ọmọ mi. Fọ́nrán kò sá lọ.” Bí iná bá lọ, kò ní kúrò lẹ́yìn mi, á máa sọ ìtàn àwọn fọ́tò àtijọ́ tí ó fi pẹ́ńsù tún ṣe títí jẹnẹrétọ̀ á fi dún. Òun ló kọ́ mi pé eérú díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù létí. Bí etí bá ti mọ́ kedere bí ohun tí sísọ́ọ̀sì gé, o ti kùn ún kọjá.

Mo sọ ẹ̀dà yẹn di ìbòjú fún Group kan, mo sì fi ẹ̀dà náà sílẹ̀ nínú Channels. Nínú Group ni Curves wà, tó ń gbé òkùnkùn irun sókè díẹ̀, torí àwọ̀ kò lè hàn lórí dúdú lásán. Lórí rẹ̀ ni Solid Color pípọ́n wà, Mode rẹ̀ Color, Opacity 40%. Group fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní Pass Through. Bí ó bá bọ́ sí Normal, irun á di ọ̀dà pípọ́n lásán, Curves kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Hue/Saturation tó ní ìbòjú tirẹ̀ ló yí léèsì padà. Ihò léèsì tí awọ ara ń yọ níbẹ̀ ni kí a ṣọ́, kí apá má baà di àwọ̀ ewé.

Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rí áàpù orí fóònù tó ń pa irun láró ní ìtẹ̀ kan, tó wá dá JPEG padà, tí gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Bí ìyá ìyàwó bá ní irun pọ́n jù, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ní tèmi, Opacity á sọ̀ kalẹ̀ sí 25%. Bí ó bá ní kí léèsì padà sí àwọ̀ rẹ̀, mo pa ojú ìpele kan dé, ó tán.

Ohun kan ni èyí kò lè tún ṣe: irun tí kámẹ́rà yà dúdú pátápátá. Bí Curves bá gbé irú rẹ̀ sókè, ìdọ̀tí wínníwínní ló ń yọ, kì í ṣe fọ́nrán. Kí ayàwòrán ti tan iná sí ẹ̀yìn orí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi fáìlì RAW ránṣẹ́ sí mi.