Òṣùwọ̀n Ò Mọ Ẹnu Dídùn

Ẹ wo bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe tún ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ gaàrí kan kọ fún olùdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé àkọ́kọ́ ní tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 10 yóò di gaàrí tọ́ọ̀nù 5. Ẹ̀gbọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ 2 sí 2.5, torí èèpo àti omi ló ń kó ìyókù lọ. Wọ́n yọ “ọjà wa ò lẹ́gbẹ́” kúrò, wọ́n fi iye àpò tí ilé iṣẹ́ náà ń tà lóṣooṣù síbẹ̀. Wọ́n ṣírò èrè sí dọ́là lẹ́ẹ̀mejì: ní iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ náà, àti bí náírà bá tún já wálẹ̀ bíi ti oṣù Kẹfà 2023. Èrè kejì kéré, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé gaàrí ilé iṣẹ́ náà sórí òṣùwọ̀n kò ní ká irọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.