Ìyá Alásè Tó Pín Ìrẹsì sí Ìkòkò Mẹ́ta

Ìkómọ àti ọjọ́ìbí ni wọ́n sábà ń gbé fún Ìyá Alásè yìí kí ìsìnkú ńlá kan tó délẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àlejò 600 ni wọ́n kà fún un, ó sì ra àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́ta. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ se gbogbo rẹ̀ mọ́jú kí wọ́n lè sinmi. Ó ní rárá.

Ìkòkò kan péré ló ti jinná kí àwọn àlejò tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó ti din ata rẹ̀ títí òróró fi léfòó, tí kíkan rẹ̀ sì lọ. Bí omi ìrẹsì ṣe fẹ́ gbẹ, ó fa igi kúrò nídìí ìkòkò, ó ku ẹyin iná. Ó fi ọ̀rá bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó mọ́, torí ìrẹsì tí wọ́n bá ń rò nígbà yẹn á fọ́ ni. Ooru ló parí iṣẹ́.

Ìkòkò kejì sọ̀ bí àkọ́kọ́ ṣe ń tán. Ti ìkẹta, ata díndín nìkan ló wà nílẹ̀. Ìrẹsì rẹ̀ ṣì wà nínú àpò. Ibi tí mo ti yìn ín gan-an nìyẹn: bí àlejò kò bá wá, kò sí oúnjẹ tó máa kan.

Àmọ́ wọ́n wá. Bọ́ọ̀sì méjì àwọn àna dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì jẹ ìrẹsì gbígbóná.

Ìyá ọkọ kan láàárín wọn gba nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbéyàwó ni iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e.