Ìlà àti Àlàfo: Ṣíṣe Àdàkọ Oríkì láti Inú Fọ́tò ní Òkèrèwè

Ní Òkèrèwè, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtayébáyé Ilé-Ifẹ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ìdílé a máa tẹ oríkì sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó sọnù. Ohun tó sábà máa ń dé ọwọ́ olùwádìí ni fọ́tò tí ọmọ ìdílé kan fi fóònù yà. Ẹni tó bá ń da irú oríkì bẹ́ẹ̀ kọ a máa sapá lórí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó burú jù kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣì a máa fi ara rẹ̀ hàn fún òǹkàwé. Ìlà tí a gé síbi tí kò yẹ kì í fi ara rẹ̀ hàn.

Orin ìjọ kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹsẹ rẹ̀ ní nọ́ńbà, iye sílébù inú ìlà sì bá ohùn orin mu, nítorí náà bí àlàfo bá tilẹ̀ parẹ́, a lè dá a padà. Oríkì kò fún ni ní irú ìrànlọ́wọ́ yẹn. Nínú ìwé tí Kárìn Báábà kọ ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, ó fi hàn pé ẹyọ ẹyọ tó lè dá dúró ni oríkì, apohùn sì lè tò wọ́n bó ti wù ú. Nínú ìwé títẹ̀, nígbà náà, àlàfo lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tó sọ pé oríkì baba ńlá kan ti parí, ti ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Bí adàkọ bá pa á rẹ́, ó ti so orúkọ ẹnì kan mọ́ ìwà ẹlòmíràn.

Ká mú ojú-ìwé kan tí a tẹ̀ ní òpó méjì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bí a bá gbé odindi rẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ lára àwòrán, ó lè kà á láti òsì dé ọ̀tún, kí ìlà kìíní òpó kìíní di ọ̀kan pẹ̀lú ìlà kìíní òpó kejì. Ó sàn kí a kọ́kọ́ gé òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí a sì béèrè ipò ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀:

```
tesseract opo1.jpg opo1 -l yor --psm 6 tsv
```

Nínú fáìlì tó bá jáde, `top` ń sọ bí ọ̀rọ̀ ti jìnnà tó sí òkè àwòrán, `left` sì ń sọ bó ti jìnnà tó sí etí òsì. Ká ní `top` ìlà mẹ́fà jẹ́ 212, 251, 290, 330, 409 àti 448. Ìyàtọ̀ wọn ni 39, 39, 40, 79 àti 39. Àlàfo wà lẹ́yìn ìlà kẹrin. Ẹ má ṣe fi ìpíndọ́gba odindi ojú-ìwé díwọ̀n rẹ̀, nítorí pé bí fóònù bá tẹ̀ nígbà tí a ń ya fọ́tò náà, àyè àárín ìlà lè máa dínkù bí a ti ń sọ̀kalẹ̀. Ìlà tó wà nítòsí ni kí a fi wé e.

`left` wúlò fún ohun mìíràn. Ìlà oríkì tó gùn ju òpó lọ a máa ṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, òǹtẹ̀wé a sì máa sún ìyókù rẹ̀ wọ inú díẹ̀. Ìlà kan ni méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ìlà méjì bá bẹ̀rẹ̀ ní 60, tí ti ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 98 láìní lẹ́tà ńlá, ó ṣeé ṣe kí ìlà kẹta jẹ́ ìyókù ìlà kejì. Adàkọ tó bá fi ojú àsán da ọ̀rọ̀ jáde kò ní rí ẹ̀rí yìí, nítorí pé àbájáde ọ̀rọ̀ lásán a máa sún gbogbo ìlà lọ sí etí òsì. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé mìíràn kì í sún ìyókù wọ inú rárá. Níbi bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbọ́ oríkì náà lẹ́nu àwọn àgbà nìkan ló lè ràn wá lọ́wọ́.

Ibi tó ṣòro jù ni ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Bí ìpín kan bá parí síbẹ̀, àlàfo tó tẹ̀lé e kò ní hàn. Ka iye ìlà ojú-ìwé tó kún: bí ó bá jẹ́ 32, tí ojú-ìwé yìí sì ní 31, ó lè jẹ́ pé òǹtẹ̀wé fi àyè ìlà kan sílẹ̀, bí kò bá ṣe pé ó ń yẹra fún ìlà tó dá wà lókè ojú-ìwé kejì. Bí ó bá jẹ́ 32 gan-an, fọ́tò náà kò lè sọ ohunkóhun. Níbẹ̀, kò tọ́ kí adàkọ gbé àlàfo kalẹ̀ bí ẹni pé ó rí i, kò sì tọ́ kó so ìpín méjèèjì pọ̀ láìsọ fún òǹkàwé. Kí ó fi àmì kan sí ààlà ojú-ìwé, kí òǹkàwé mọ̀ pé ìwé ló parí, kò dájú pé oríkì parí.