Irorẹ́ Yàtọ̀ sí Ihò Ara: Lámèyítọ́ lórí Títún Ojú Ṣe Nínú Fọ́tò

Tí a bá ya fọ́tò ènìyàn nítòsí, débi pé ojú nìkan ló kún inú rẹ̀, kò sí ohun tó lè fara pamọ́. Ihò ara hàn, irun wẹ́wẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn, irorẹ́ tó yọ lánàá náà hàn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń fi ọgbọ́n kan ṣoṣo bá gbogbo wọn jà: wọ́n á mú kí awọ ojú ṣe bàìbàì, wọ́n á ní ó ti jọ̀lọ̀. Irorẹ́ á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ihò ara á bá a lọ, ohun tó kù á wá dà bí ojú bèbí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe. Èrò mi ni pé irorẹ́ àti ihò ara kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá, àti pé ibi tí a ti ń mọ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ yìí ni bó ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdíwọ̀n àkọ́kọ́ ni àkókò. Irorẹ́ lásán sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, nítorí náà ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò kò purọ́ mọ́ ẹni tó yà. Ó kàn ya ojú yẹn bó ṣe máa rí láìpẹ́ ni. Àmì abínibí, àpá ọgbẹ́ àtijọ́ àti ilà ojú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pa pélé rẹ́ lójú bàbá àgbà ti pa ohun tí ará ilé fi ń dá a mọ̀ rẹ́. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni àmì dúdú tí irorẹ́ máa ń fi sílẹ̀ lára ènìyàn dúdú, tó lè pẹ́ ní oṣù púpọ̀ kó tó parẹ́. Kò yẹ ká pa irú èyí rẹ́ pátápátá. Ká dín in kù, kó má baà gba ojú ẹni tó ń wo fọ́tò, ti tó.

Ìdíwọ̀n kejì ni ká mọ ohun tó wà nínú irorẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun méjì ló pa pọ̀ níbẹ̀: wíwú àti ìyípadà àwọ̀. Lára aláwọ̀ funfun, pípọ́n ló ń tú u fó. Lára tiwa, ó sábà máa ń dúdú ju ibi tó yí i ká lọ, wíwú rẹ̀ sì máa ń hàn nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, òjìji sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ayàwòrán wa fọkàn sí: lára awọ dúdú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán ni ihò ara ti ń hàn jù. Ẹni tó bá pa dídán náà ti pa ihò ara pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ tí a yàn fi ṣe pàtàkì. Nínú Photoshop, Clone Stamp máa ń kó ohun gbogbo láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ó rọrùn kó lẹ̀ mọ́ ojú bí aṣọ tí a lẹ̀. Healing Brush, tó dé pẹ̀lú Photoshop 7.0 ní ọdún 2002, ń mú bí awọ ṣe rí láti ibi tí a yàn, ó sì ń mú àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ibi tí a ń tún ṣe mu. Spot Healing Brush tó tẹ̀ lé e ní ọdún 2005 ń yan ibi tí yóò ti mú nǹkan fúnra rẹ̀. Ó yá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ihò ara orí imú tóbi ju ti abẹ́ ojú lọ. Fún ojú tó kún fọ́tò, èyí tí àwa fúnra wa ń yan ibi fún ló tọ́.

Ká mú ìyàwó ojú ọ̀nà kan ṣe àpẹẹrẹ. Irorẹ́ mẹ́ta wà níwájú orí rẹ̀ lábẹ́ gèlè, ọ̀kan wà ní àgbọ̀n níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yí sí òjìji, àmì dúdú kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, àmì abínibí sì wà lókè ètè. Àmì abínibí kò kan wa. A ó ṣí layer tuntun tí kò ní nǹkan kan nínú, a ó yan Healing Brush, a ó sì fi Sample sí Current & Below, kí fọ́tò gan-an má baà fara gbá a. A ó wò ó ní 100%, nítorí pé ní ìwọ̀n tó kéré sí èyí a kò ní rí ihò ara dáadáa. Búrọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ ju irorẹ́ lọ púpọ̀, etí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rọ̀ jù. Etí tó rọ̀ máa ń da awọ méjì pọ̀, ó sì ń fi òrùka tó ṣe bàìbàì sílẹ̀.

Níwájú orí tó ń dán, a ó di Alt mú, a ó sì tẹ ibi tó ń dán bákan náà nítòsí rẹ̀. Tí a bá lọ mú awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò dán wá síbẹ̀, dídán náà á já láàárín, ẹni tó bá wo fọ́tò á rí àbàwọ́n tí kò lè dárúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni ká tẹ irorẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ká máa fa búrọ́ọ̀ṣì kiri. Ká sì yan ibòmíràn fún irorẹ́ tó kàn, kí ihò ara kan náà má baà hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti àgbọ̀n le díẹ̀, nítorí pé bí Healing Brush bá fara kan òjìji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń fa dúdú rẹ̀ wọ ibi tó mọ́lẹ̀. Clone Stamp tí a fi Opacity rẹ̀ sí ìwọ̀n kékeré ló dára níbẹ̀.

Àmì dúdú orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò nílò awọ tuntun, nítorí pé ihò ara ibẹ̀ wà bó ṣe yẹ. Àwọ̀ nìkan ló yí padà. A ó fi Curves mú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, a ó fi mask dúdú bò ó, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì funfun tí Flow rẹ̀ kò ju 5% sí 10% lọ ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gòkè, ihò ara á dúró síbi tó wà. Tí àmì náà bá ti dín kù dé ìdajì, ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya ihò ara sí ìpele kan, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ sí ìpele kejì, tí wọ́n wá ń fi Gaussian Blur pa ìpele kejì rẹ́. Wọ́n á ní ihò ara ṣì wà níbẹ̀. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti sọnù, nítorí pé ìyípadà ìmọ́lẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì ló ń fi egungun hàn. Bí a ṣe ń dá a mọ̀ kò le: ẹ dín fọ́tò náà kù títí yóò fi kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Bí ojú bá tẹ́ pẹrẹsẹ, iṣẹ́ náà ti kọjá ààlà, bí ihò ara tilẹ̀ pọ̀ bí iyanrìn.

Àwọn kan á ní oníbàárà ló ni owó, ojú tó jọ̀lọ̀ ló sì fẹ́. Fún fọ́tò ìgbéyàwó, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà tí fọ́tò bá ń ta ìpara. Ní ọdún 2011, ASA, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fòfin de ìpolówó méjì tí L'Oréal fi Julia Roberts àti Christy Turlington ṣe, nítorí pé ilé-iṣẹ́ náà kò lè fi hàn pé ohun tí ìpara náà lè ṣe gan-an ni fọ́tò wọn ń fi hàn. Níbẹ̀, ihò ara tí a pa rẹ́ di ẹ̀rí tí a fi pa mọ́ fún olùrajà.

Ìdájọ́ mi kò ju èyí lọ: iṣẹ́ tó dára ni èyí tí ẹni tó ni ojú yóò wò, tí kò ní rántí pé irorẹ́ wà lójú òun lọ́jọ́ náà, tí kò sì ní bèèrè ohun tó ṣe awọ òun.